Bí a ṣe gba péèjì Àǹtí Bọ́sẹ̀ padà nígbà tí íméèlì rẹ̀ ti kú

Ẹ̀yin tèmi, tí ẹ bá tẹ `Forgot password?` lórí Instagram, tó wá sọ pé òun ti fi lìǹkì ránṣẹ́ sí íméèlì kan tí ẹ ò lè wọ̀ mọ́ láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sunkún. Ẹ má sì tíì san owó fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò ni pé áàpù ò mọ̀ wá. Kò mọ ojú wa, kò mọ ohùn wa, kò mọ iye ọdún tí a ti fi ń tajà níbẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé, kí lo mú dání? Ṣé o ní páásíwọọ̀dù? Ṣé o ní fóònù kan tí o kò tíì jáde nínú rẹ̀? Ṣé o lè ṣí íméèlì tí o fi forúkọ sílẹ̀, tàbí kí o gba kóòdù lórí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀? Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, áàpù á ní òun ló ni péèjì. Ẹni tí kò bá ní ìkankan, bó jẹ́ òun gan-an ló bí péèjì náà, ìta ló máa dúró sí.

Ìta yẹn ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wà lóṣù tó kọjá.

Àdìrẹ ni wọ́n ń tà, ní Ìtokú, Abẹ́òkúta. Ọdún 2018 ni wọ́n ti wà lórí Instagram, oníbàárà wọn sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ kan, ẹnì kan yọ fóònù lápò wọn nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ gba síìmù wọn padà, wọ́n mú nọ́ńbà NIN wọn dání, kò tó wákàtí kan. Wọ́n ra fóònù tuntun, WhatsApp padà. Báńkì padà. Wọ́n wá gbé fóònù fún mi, wọ́n ní, "Dúpẹ́, bá mi ṣí Instagram mi, kí n dá ìyàwó Ìbàdàn lóhùn."

Ìyàwó Ìbàdàn yìí gan-an ni wàhálà. Ó ti san ₦380,000 sílẹ̀ fún aṣọ ẹbí, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orúkọ àwọn ènìyàn mẹ́tàlélógójì, àwọ̀ tí oníkálukú fẹ́, iye ọ̀pá, àdírẹ́sì tí wọ́n máa kó aṣọ lọ, inú àpótí ìjíròrò Instagram ni gbogbo rẹ̀ wà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Wọn ò mọ orúkọ tó ń jẹ́ lórí Instagram, "ìyàwó Ìbàdàn" ni wọ́n ń pè é. Alẹ́ẹ̀tì báńkì sì gbé orúkọ ọkùnrin kan jáde tí a ò mọ̀. Mo wọ péèjì náà láti ọ̀dọ̀ tèmi, mo wo àwọn tó kọ nǹkan sábẹ́ àwòrán, bóyá màá rí i. N ò rí i. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí lójú ọmọ yẹn: ẹni tó gba owó mi ti dákẹ́.

Páásíwọọ̀dù ńkọ́? Àǹtí ní, "Mi ò tẹ nǹkan kan rí. Mo kàn ń ṣí i ni." Òótọ́ ni, fóònù yẹn ti wà nínú péèjì láti ọdún pípẹ́. Mo tẹ `Forgot password?`, mo kọ orúkọ péèjì, ó sì fi ibi méjì hàn mí tó lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà tí ìparí rẹ̀ kì í ṣe ti Àǹtí. Èkejì rí báyìí:

```
d*******4@s*****.edu.ng
```

Àǹtí wò ó, wọ́n ní, "Èmi? Mi ò ní íméèlì kankan láyé mi."

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bínú pa á tì. Ẹ kà á dáadáa ná. Àwọn ìràwọ̀ yẹn kò bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni `d`, òǹkà ìkẹyìn ni `4`, `.edu.ng` sì túmọ̀ sí pé ilé-ìwé Nàìjíríà kan ló ni àdírẹ́sì náà. Ta ló wà nílé-ìwé gíga ní 2018 nínú ẹbí wa, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D, tó sì fẹ́ràn láti máa bá àwọn àgbà ṣe nǹkan orí fóònù? Bọ̀dá Dámọ́lá. Mo pè wọ́n ní Èkó. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Àwọn ló ṣí i. Íméèlì tí ilé-ìwé fún wọn ni wọ́n lò, nítorí òun ló wà lórí fóònù wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n jáde ní 2021, ilé-ìwé sì ti íméèlì wọn pa. Nọ́ńbà yẹn náà, tiwọn àtijọ́ ni, ó ti sọnù tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kúrò nílẹ̀. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin NCC, tí ẹ kò bá fi síìmù ṣe nǹkan kan tó ń pa owó wọlé fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ fóònù lè ti í pa. Bó bá tún di oṣù mẹ́fà mìíràn tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, tí nọ́ńbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù, ẹ sáré lọ gbà á padà, ọ̀nà tó yá jù lọ nìyẹn. Àmọ́ tó bá ti lé lọ́dún kan, ẹ má kàn tẹ bọ́tìnì pé kí wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀. Kóòdù yín lè máa wọlé sórí fóònù ẹni tí ẹ ò mọ̀. A fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan íméèlì, a wá fóònù tó ṣì wà nínú péèjì. Èyí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wá: fóònù àtijọ́ inú dúrọ́ọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n, tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tí péèjì ṣí lórí rẹ̀, ẹ má jáde, ẹ má sì pa áàpù rẹ́. Ẹ wọ `Accounts Center`, ẹ wá `Personal details`, lẹ́yìn náà `Contact info`, kí ẹ fi íméèlì tuntun kún un kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ó lè béèrè páásíwọọ̀dù tàbí kóòdù, àmọ́ ó kéré tán, ẹ ti wà nínú ilé. A yẹ fóònù mẹ́ta wò nílé Àǹtí. Ọ̀kan ò tiẹ̀ tàn mọ́. Àwọn tó tàn, péèjì ò sí lórí wọn.

Ó wá ku íméèlì tó ti kú. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí.

Tí a bá ní íméèlì kú, ikú rẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Ọ̀nà kan sì wà tí ẹ fi lè mọ irú èyí tó kú, kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ wọ íméèlì tiyín tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí àdírẹ́sì náà. Ẹ kàn kọ "ìdánwò" sínú rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ dúró. Tí ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà lọ́hùn-ún kò bá lè gbà á, ẹ máa rí lẹ́tà ìdápadà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sábà máa ń jẹ́ `Mail Delivery Subsystem`. Gbogbo ènìyàn ló máa ń pa lẹ́tà yẹn rẹ́ láì kà á. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ máa rí òǹkà kan. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì sí wa:

```
550 5.1.1
550 5.2.1
552 5.2.2
```

Èyí àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti pa á rẹ́, tàbí kẹ̀, ẹ ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Èkejì ní àpótí náà wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti í pa. Ẹ̀kẹta ní àpótí náà wà láàyè, ó kàn kún ni, kò sí àyè fún lẹ́tà mọ́. Ẹni tó bá rí ẹ̀kẹta yìí, tó sì ń sọ kiri pé íméèlì òun ti kú, ó yẹ kó bú sẹ́rìn-ín, nítorí páásíwọọ̀dù íméèlì yẹn nìkan ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ́kọ́ gba íméèlì padà, kó pa àwọn ẹrù inú rẹ̀ rẹ́ kí àyè wà, kó tó padà sórí Instagram. Tó bá sì jẹ́ Gmail ni, orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ti fi ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni kó ti gbìyànjú, nínú ilé tó ti máa ń lò ó, kó sì kọ páásíwọọ̀dù ìkẹyìn tó rántí, bí kò tiẹ̀ dá a lójú. Google máa ń wo gbogbo ìyẹn mọ́ ọn.

Tí lẹ́tà ìdápadà kò bá dé ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí àpótí náà wà níbì kan, bóyá ẹnì kan tiẹ̀ ń kà á. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀.

Tiwa dá padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. `550 5.2.1`. Mo fò sókè! Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní kí ló dé, mo ní, "Wọ́n tì í pa ni o, wọn ò tíì pa á rẹ́." Wọ́n ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ká ní Gmail lásán ni, irú èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń ṣí fúnra wa, ọ̀rọ̀ ì bá le. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́. Tó bá sì ti lọ pátápátá, orúkọ yẹn kò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ó dára nítorí àwọn olè, àmọ́ ó burú fún ẹni tó nílò lẹ́tà kan péré.

Íméèlì ilé-ìwé tàbí ti ibi iṣẹ́ yàtọ̀. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ín, ilé-ìwé ló ni ín. Ẹnì kan wà nínú ọ́fíìsì kan tó ní àṣẹ lórí gbogbo orúkọ tó wà lẹ́yìn `@` yẹn. Lórí irú èyí tí Google ń ṣe fún ilé-ìwé, tó bá jẹ́ pé ó tì í pa ni, ó lè tẹ bọ́tìnì kan, kó ṣí padà pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Tó bá pa á rẹ́, ogún ọjọ́ péré ló ní láti fi dá a padà. Lẹ́yìn ogún ọjọ́, àwọn lẹ́tà àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: lẹ́tà àtijọ́ kọ́ ni a ń wá! Ohun tí a nílò ni àpótí tó lè gba lẹ́tà tuntun kan ṣoṣo. Alábòójútó yẹn ṣì lè dá àpótí mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà gẹ́lẹ́, tàbí kó fi orúkọ àtijọ́ kún àpótí ẹlòmíràn bí àdírẹ́sì kejì, lẹ́tà Instagram á sì wọlé. Instagram kò mọ̀ pé àpótí náà ti kú rí. Àdírẹ́sì ló mọ̀.

Nítorí èyí, tí ẹ bá lọ bá wọn, ẹ má ní "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba íméèlì mi padà." Ó máa ń dún bí iṣẹ́ ńlá létí wọn, wọ́n á ní ẹ ti jáde, kò ṣeé ṣe. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí àdírẹ́sì náà gba lẹ́tà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi kúrò lórí áàpù kan, kí wọ́n sì tì í padà lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni Bọ̀dá Dámọ́lá kọ. Wọ́n fi nọ́ńbà máttíríìkì wọn sí i, ọdún tí wọ́n jáde, àdírẹ́sì íméèlì náà ní kíkún, àti ìdí. Wọ́n fi kún un pé tí kò bá ṣeé ṣí, kí wọ́n jọ̀ọ́ darí lẹ́tà rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́jọ lọ.

Ṣé a wá káwọ́ gbera nígbà tí a ń dúró de ilé-ìwé? Rárá o. A gbìyànjú ọ̀nà ojú.

Níbi tí Instagram ti ń fi íméèlì àti nọ́ńbà hàn yín, ọ̀rọ̀ kan máa ń wà nísàlẹ̀, `Try another way` tàbí `Can't reset your password?`, ó máa ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa béèrè íméèlì tuntun tí ẹ lè wọ̀, ibẹ̀ ni èsì máa gbà dé. Lẹ́yìn náà, ó máa béèrè bóyá àwòrán yín wà lórí péèjì. Tó bá wà, ẹ máa ya fídíò ojú yín, ẹ máa yí orí sọ́tùn-ún, sósì, bó ṣe ń darí yín. Wọ́n á fi wé àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀. Fídíò náà kì í hàn lórí péèjì, wọ́n sì sọ pé àwọn ń pa á rẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọ̀nà tó dára ni fún ẹni tó ń ya ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ti Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń tà, aṣọ ló kún ibẹ̀. Nínú àwòrán tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin, ojú wọn hàn nínú márùn-ún péré: méjì pẹ̀lú gèlè tó bo iwájú orí, méjì pẹ̀lú awò dúdú, ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn. A ya fídíò àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Ajé, èsì dé pé wọn ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ni. A tún un ṣe lọ́sàn-án níta, láìsí gèlè, láìsí awò. Èsì kejì kò yàtọ̀. N ò bá wọn jà, kí ni wọ́n fẹ́ fi wé? Péèjì tí ojú olówó rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, fọ́ọ̀mù ló kù fún un, níbi tí wọ́n á ti béèrè íméèlì tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣí i, àti irú fóònù tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá Dámọ́lá ṣì rántí pé Android ni. A kọ ọ́, a fi ránṣẹ́.

Láàárín ọjọ́ yìí náà ni ọmọkùnrin kan dé. Ọ̀rẹ́ Àǹtí kan ló fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní ₦45,000, wákàtí méjì péré, òun ní ènìyàn "nínú" Instagram. Mo bi í pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà. Ó ní kí n má dá ara mi láàmú, kí n kàn fi orúkọ péèjì ránṣẹ́, tí kóòdù bá sì dé sórí fóònù Àǹtí, kí n kà á fún òun. Ẹ rí i? Kóòdù wo ló fẹ́ dé sórí fóònù Àǹtí, nígbà tí nọ́ńbà Àǹtí kò sí lórí péèjì? Kóòdù WhatsApp Àǹtí tàbí ti báńkì ló ń wá. Gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ni mo ti kà fún yín lókè yìí. Ẹni tó bá ní òun ní òmíràn, ẹ bi í pé kí ni ohun tó fẹ́ kí ẹ kà fún òun, tó bá ti mẹ́nu kan kóòdù báyìí, ẹ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀gbá pọ́ńbélé. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ilé-ìwé dáhùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: kí Bọ̀dá Dámọ́lá fúnra wọn wá, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé tó fi hàn pé wọ́n kàwé níbẹ̀. Inú mi dùn sí i, ká sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ pé lórí fóònù lásán ni wọ́n ti ń ṣí íméèlì fún ènìyàn, ọmọkùnrin oní-₦45,000 yẹn náà á ti pè wọ́n. Ní Ọjọ́rú, Bọ̀dá wọ ọkọ̀ láti Èkó. Èmi àti Àǹtí jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìtokú, fóònù tuntun wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp.

Ọ̀gbẹ́ni tó dá wọn lóhùn ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà wo orúkọ náà, ó ní, "Ó wà níbí. A kàn dá a dúró ni." Ó ṣí i, ó fún wọn ní páásíwọọ̀dù tuntun, ó ní títí di ọjọ́ Ẹtì ni o. Bọ̀dá wọlé. Mo ní kí wọ́n má tíì ṣe nǹkan kan. Kí n kọ́kọ́ fi "ìdánwò" ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó dá wa lójú pé ó ń gba lẹ́tà, nítorí nígbà mìíràn, wọ́n á ṣí i tán, á tó ìgbà díẹ̀ kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo wá tẹ `Forgot password?`, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá béèrè mẹ́ta, èyí tó dé kẹ́yìn ni kí ẹ lò, ẹ sì lè máa fi kóòdù àkọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ní ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ púpọ̀ jù, wọ́n lè ní kí ẹ lọ dúró ná. Lẹ́tà dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Bọ̀dá ka òǹkà mẹ́fà fún mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n yan páásíwọọ̀dù tuntun. Péèjì ṣí. Ká ní ìdáàbòbò onípele méjì ti wà lórí rẹ̀ ni, íméèlì nìkan kò ní tó, à bá tún wá kóòdù kejì. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àǹtí ti ń na ọwọ́ sí fóònù, ìyàwó Ìbàdàn ni wọ́n ń wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Nítorí ní àkókò yẹn, íméèlì tó máa kú padà lọ́jọ́ Ẹtì ṣì ni olówó péèjì. Mo wọ `Contact info`, mo fi íméèlì tuntun Àǹtí sí i, mo fi kóòdù rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo fi nọ́ńbà wọn sí i, mo fìdí ìyẹn náà múlẹ̀. Lẹ́yìn tí méjèèjì ti dúró ni mo tó yọ ti ilé-ìwé àti nọ́ńbà àtijọ́ kúrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ti àtijọ́, tí íńtánẹ́ẹ̀tì wá já, tiẹ̀ bá a. Lẹ́yìn náà, mo lọ sí `Where you're logged in`, fóònù tí wọ́n jí náà ṣì wà níbẹ̀, mo lé e jáde.

Ó wá ku ìdáàbòbò onípele méjì. Mo yan áàpù tó ń pèsè kóòdù fúnra rẹ̀, dípò kí kóòdù máa gba orí síìmù wá, nítorí a ti rí bí nọ́ńbà ṣe ń di ti ẹlòmíràn. Instagram fún wa ní `Backup codes`, òǹkà mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, fún ọjọ́ tí fóònù bá tún sọnù. Mo ní kí a yà á ní àwòrán, Àǹtí ní sórí fóònù tí wọ́n tún máa jí? Wọ́n mú ìwé gbèsè wọn jáde, wọ́n kọ wọ́n sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, pẹ̀lú bírò pupa. Nínú ìwé kan náà ni mo kọ íméèlì tuntun sí, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣí i. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó Ìbàdàn ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ nípa àwọ̀. Ìkẹyìn ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, ìyá mi ti ní mo ti sọ owó nù." Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò kọ̀wé padà, wọ́n tẹ bọ́tìnì ohùn, wọ́n kí i, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sọ iye aṣọ tó ti wọ inú aró. Kó tó dákẹ́, wọ́n béèrè nọ́ńbà rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀.

Aṣọ mẹ́tàlélógójì dé Ìbàdàn nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún.

Lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo tún fi "ìdánwò" ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ilé-ìwé Bọ̀dá Dámọ́lá. Ó dá padà kíá, `550 5.2.1`. Mo gbé e fún Àǹtí wò. Wọ́n ní, "Kó máa sùn," wọ́n sì padà sídìí aró wọn.